Bí Ẹgbẹ́ Ṣe Lè Yẹ Ìwé Ìdíyelé Iṣẹ́ Wò Láti Inú Fọ́tò

Ní ọ̀pọ̀ ìlú àti àdúgbò tí ìjọba ti ń ṣe iṣẹ́, ìwé ìdíyelé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kì í sábà tẹ ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Fọ́tò rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ rí ìwé náà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì, ó tọrọ àyè, ó fi fóònù yà á, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ìgbìmọ̀. Láti ìgbà náà ni fọ́tò yóò ti máa ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn. Gbogbo ènìyàn yóò wo iye owó tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn kan yóò ní ó ti pọ̀ jù, àwọn mìíràn yóò ní ọjà ló wọ́n. Ìwọ̀nba ènìyàn ló máa ń ka àwọn ìlà tó wà láàárín, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà.

Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí kíka àwọn ìlà náà. Kò béèrè ju ìlọ́po, àròpọ̀ àti pínpín tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú fóònù kan tó ní ẹ̀rọ ìṣirò, àti ènìyàn méjì: ọ̀kan tí yóò máa pe nọ́ńbà jáde, èkejì tí yóò máa tẹ̀ ẹ́.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò

Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan àti ìjọba fẹ́ tún ilé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú náà. Ẹgbẹ́ ti ṣèlérí pé àwọn yóò dá ìdá kan nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ náà. Ìwé ìdíyelé tí agbaṣẹ́ṣe mú wá ní ojú ìwé márùn-ún àti ojú ìwé àkópọ̀ kan. Iye tó wà nísàlẹ̀ àkópọ̀ ni ₦19,010,181.75. Àwa la hùmọ̀ àpẹẹrẹ yìí. Iye owó inú rẹ̀ wà fún ìṣirò nìkan, kì í ṣe iye tí ọjà ń lọ.

Bí ìwé náà ṣe ń sọ̀rọ̀

Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìdíyelé dúró fún iṣẹ́ kan. Apá òsì ni a ti ń ṣàpèjúwe iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni òpó mẹ́rin tó ṣe pàtàkì sí wa. Nínú fọ́tò, ẹ ó rí orúkọ wọn lókè: *Qty* ni iye iṣẹ́ tí a ó ṣe, *Unit* ni òṣùwọ̀n tí a fi wọ̀n ọ́n, *Rate* ni owó ẹyọ kan, *Amount* ni àpapọ̀ owó ìlà náà. Òfin kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀: iye iṣẹ́ ní ìlọ́po owó ẹyọ gbọ́dọ̀ jẹ́ àpapọ̀ owó ìlà.

Òṣùwọ̀n náà yẹ ní fífiyèsí. Bí a bá kọ *m*, gígùn nìkan ni a wọ̀n, bí ti pákó. Bí a bá kọ *m2*, gígùn àti fífẹ̀ ni, bí ti páànù àti àjà. Bí a bá kọ *m3*, a ti fi jíjìn tàbí sísanra kún un, bí ti kọnkéré. Bí ẹ bá rí *No*, kíkà ni a kà á, bí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bí ẹ bá sì rí *Item* tàbí *Sum*, a kàn dá owó kan fún odindi iṣẹ́ ni. Kò ní ìlọ́po tí a lè ṣe níbẹ̀. Ẹ kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kí fọ́tò tó ṣeé gbà gbọ́

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ẹ wo nọ́ńbà ojú ìwé. Bí ẹ bá ní ojú ìwé 1, 2, 3 àti 5, iṣẹ́ yín kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ojú ìwé 4 ná. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá etí ọ̀tún ìwé wà nínú fọ́tò, nítorí níbẹ̀ ni àpapọ̀ owó wà, ibẹ̀ náà sì ni fọ́tò máa ń gé kúrò jù. Ẹ wo ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí àròpọ̀ ojú ìwé wà.

Nígbà tí ẹ bá ní àǹfààní láti tún fọ́tò yà, ẹ tẹ́ ìwé sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ dúró lókè rẹ̀ gangan, ẹ má sì lo iná fóònù, nítorí iná náà ń fi àmì funfun bo nọ́ńbà. Ẹ ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ẹ ó bá fi ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bí fáìlì, kì í ṣe bí fọ́tò lásán, nítorí pé ìfiránṣẹ́ bí fọ́tò sábà máa ń dín dídán rẹ̀ kù. Àwọn nọ́ńbà tó máa ń jọ ara wọn nínú fọ́tò tí kò dán ni 3 àti 8, 1 àti 7, 5 àti 6. Kọ́mà àti àmì tó ya náírà sọ́tọ̀ kúrò lára kọ́bọ̀ pẹ̀lú máa ń jọra; ẹni tó bá ṣi ọ̀kan kà sí èkejì, iye rẹ̀ yóò yí padà pátápátá.

Ìlọ́po ìlà kọ̀ọ̀kan

Ojú ìwé 3, tó wà fún òrùlé, ni a ó gbé yẹ̀ wò. Bí ó ṣe wà nínú ìwé nìyí:

| Ìlà | Iṣẹ́ | Iye | Owó ẹyọ (₦) | Àpapọ̀ (₦) |
|---|---|---|---|---|
| A | Igi òrùlé | 640 m | 1,850 | 1,184,000 |
| B | Páànù | 312 m2 | 9,500 | 2,964,000 |
| C | Páànù ìborí ṣóńṣó òrùlé | 2? m | 4,200 | 117,600 |
| D | Pákó etí òrùlé | 76 m | 3,600 | 2,736,000 |
| E | Àjà | 246 m2 | 6,?50 | 1,606,500 |
| F | Títú òrùlé àtijọ́ àti kíkó o dànù | Item | – | 350,000 |
| | Àròpọ̀ ojú ìwé | | | 8,958,100 |

Àmì ìbéèrè dúró fún nọ́ńbà tí kò hàn nínú fọ́tò. A ó padà sí wọn.

Ìlà A: 640 ní ìlọ́po 1,850 jẹ́ 1,184,000. Ó tọ́. Ìlà B: 312 ní ìlọ́po 9,500 jẹ́ 2,964,000. Ó tọ́. Ìlà D: 76 ní ìlọ́po 3,600 jẹ́ 273,600. Ìwé kọ 2,736,000. Òdo kan ti lé sí i, owó ìlà náà sì ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,462,400.

Ó ṣeé ṣe kí agbaṣẹ́ṣe dáhùn pé àpapọ̀ ló tọ̀nà, pé owó ẹyọ ni òdo kan jábọ́ lára rẹ̀, àti pé ₦36,000 ni òun fẹ́ kọ. Lóòótọ́ ni 76 ní ìlọ́po 36,000 jẹ́ 2,736,000, nítorí náà ìṣirò nìkan kò lè pa ẹjọ́ náà. Nínú àwọn ìlànà tí a fi ń yẹ ìwé ìdíje iṣẹ́ wò, òfin tó wọ́pọ̀ ni pé bí owó ẹyọ àti àpapọ̀ bá ta ko ara wọn, owó ẹyọ ló borí, àfi bí ó bá hàn gbangba pé inú owó ẹyọ náà ni àṣìṣe wà. Báwo ni yóò ṣe hàn? Ẹ wo àwọn aládùúgbò rẹ̀ lójú ìwé kan náà. Mítà igi òrùlé kan jẹ́ ₦1,850. Mítà páànù ìborí ṣóńṣó jẹ́ ₦4,200. Pákó etí òrùlé tí yóò gba ₦3,600 bá wọn mu. Èyí tí yóò gba ₦36,000 fún mítà kan kò bá wọn mu rárá. Ẹ bi káfíńtà méjì ní ọjà iye tí wọ́n ń tà á, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀.

Nọ́ńbà tí fọ́tò bò mọ́lẹ̀

Nítorí pé ohun mẹ́ta ni òfin wa so pọ̀, ẹni tó bá ní méjì lè rí ìkẹta. Ní ìlà C, a rí owó ẹyọ, a rí àpapọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kejì nínú iye iṣẹ́ ti sọnù. Ẹ pín 117,600 sí ọ̀nà 4,200: ó jẹ́ 28 géérégé. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 ni a ń wá, 28 sì bá a mu.

Ní ìlà E, iná fóònù bo nọ́ńbà kan nínú owó ẹyọ. Ẹ pín 1,606,500 sí ọ̀nà 246: ó jẹ́ 6,530 pẹ̀lú ìwọ̀n kọ́bọ̀ 49. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé 50 ni owó ẹyọ tí a rí nínú fọ́tò fi parí, kò sì ní kọ́bọ̀ kankan. Nígbà tí pínpín kò bá já géérégé báyìí, ó ń sọ fún wa pé ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà tí a rò pé a rí dáadáa kò tọ̀nà. Fọ́tò kò lè sọ èwo ni. Ìwé gan-an ni kí ẹ lọ wò. Nínú àpẹẹrẹ wa, akọ̀wé padà sí ọ́fíìsì, ó sì rí i pé ₦6,750 ni owó ẹyọ. 246 ní ìlọ́po 6,750 jẹ́ 1,660,500. Ẹni tó tẹ ìwé náà ló gbé 6 àti 0 sí ipò ara wọn, ó sì kọ 1,606,500. Agbaṣẹ́ṣe ni àṣìṣe yìí pa lára. ₦54,000 rẹ̀ ló sọnù níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ti ìlà D. Ẹgbẹ́ tó bá ń ka kìkì àṣìṣe tó ṣe é ní àǹfààní, kò sí ẹni tí yóò ka ìwé rẹ̀ sí ìwé àyẹ̀wò.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Ìlà tí ẹ fi pínpín rí nọ́ńbà rẹ̀ kò lè tún jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi àpapọ̀ wá 28, tí ẹ sì tún fi 28 ṣe ìlọ́po, dandan ni kí ó bá àpapọ̀ náà mu, bí àpapọ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ irọ́. Nítorí náà, ẹ fi àmì sí ìlà C pé “a fojú ìṣirò wá a”, kí ẹ sì wo ìwé gan-an nígbà tí àyè bá wà, tàbí kí ẹ fi okùn ìwọ̀n wọn ṣóńṣó òrùlé náà.

Àròpọ̀ ojú ìwé àti gbígbé e lọ sí àkópọ̀

Ẹ wá ro òpó àpapọ̀ pọ̀ bí ó ṣe wà nínú ìwé: 1,184,000, 2,964,000, 117,600, 2,736,000, 1,606,500 àti 350,000. Ó jẹ́ 8,958,100, gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe kọ ọ́. Àròpọ̀ tọ́, síbẹ̀ ojú ìwé náà kò tọ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àròpọ̀ nìkan tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn: nọ́ńbà tí kò tọ̀nà ṣeé rò pọ̀ dáadáa. Bí a bá tún ìlà D àti E ṣe, àròpọ̀ tòótọ́ yóò jẹ́ ₦6,549,700.

Ẹni tó bá ní fóònù tí a lè ṣí tábìlì ìṣirò lórí rẹ̀ lè kọ iye iṣẹ́ sí òpó C, owó ẹyọ sí òpó D, kí ó sì tẹ àwọn wọ̀nyí sí òpó E:

```
=C2*D2
=SUM(E2:E7)
```

Èkíní ń ṣe ìlọ́po ìlà kan, a ó sì dà á kọ sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìkejì ń ro gbogbo wọn pọ̀. Níbi ìlà F tí kò ní ìlọ́po, owó tí a dá ni kí ẹ tẹ̀ sí òpó E.

Ìgbésẹ̀ tó kù ni ojú ìwé àkópọ̀, níbi tí a ti ń gbé àròpọ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹ gbé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ àkópọ̀, kí ẹ fi wé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìsàlẹ̀ ojú ìwé 2 kọ ₦3,285,400, ṣùgbọ́n àkópọ̀ kọ ₦3,825,400. Nọ́ńbà méjì ti pàrọ̀ ipò lójú ọ̀nà, ₦540,000 sì ti wọlé láìsí iṣẹ́ kankan tó bá a wá.

Àwọn akápò àtijọ́ mọ ọgbọ́n kan tó ń ran ni lọ́wọ́ níbí. Nígbà tí nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá pàrọ̀ ipò, ìyàtọ̀ tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ máa ń ṣeé pín sí ọ̀nà 9 láìṣẹ́kù. 540,000 sí ọ̀nà 9 jẹ́ 60,000. 54,000 sí ọ̀nà 9 jẹ́ 6,000. Bí òdo kan bá lé, bẹ́ẹ̀ náà ni: 2,462,400 sí ọ̀nà 9 jẹ́ 273,600, tí í ṣe owó ìlà D gan-an. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ọ̀pọ̀ iye mìíràn ló ṣeé pín sí ọ̀nà 9. Ṣùgbọ́n ó ń sọ ibi tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Bí àṣìṣe ìlà ṣe ń wú

Ojú ìwé mẹ́ta tó kù tọ́: ojú ìwé 1 jẹ́ ₦600,000, ojú ìwé 4 tó wà fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé jẹ́ ₦2,140,000, ojú ìwé 5 tó wà fún ọ̀dà jẹ́ ₦1,318,300. Àròpọ̀ ojú ìwé márààrún nínú àkópọ̀ agbaṣẹ́ṣe jẹ́ ₦16,841,800. Àròpọ̀ tòótọ́ jẹ́ ₦13,893,400.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Lórí àròpọ̀ yìí ni wọ́n fi ìdá 5 nínú 100 kún fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Lórí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tún fi owó-orí ọjà tí a ń pè ní fáàtì kún, èyí tó ti jẹ́ ìdá 7.5 nínú 100 láti oṣù Kejì ọdún 2020. Àṣìṣe tó wà nísàlẹ̀ gba méjèèjì mọ́ra bí ó ti ń gòkè. Bí a bá fi ìlànà kan náà ṣe ìṣirò tòótọ́, gbogbo iṣẹ́ náà yóò jẹ́ ₦15,682,175.25 dípò ₦19,010,181.75. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,328,006.50.

Ẹ fi iye yẹn wé ojú ìwé 4. Gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó o. Nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ ṣèlérí, ó lé ní ₦332,000 tí àwọn ọmọ ìlú ìbá dá lórí iṣẹ́ tí kò sí.

Ohun tí ìṣirò yìí kò lè sọ

Ìwé tí gbogbo ìlọ́po rẹ̀ tọ́ lè jẹ́ ìwé tó gbówó lérí síbẹ̀. Bí iye iṣẹ́ bá ti pọ̀ ju ti ilẹ̀ lọ, tàbí bí owó ẹyọ bá ti ga ju ti ọjà lọ, ìlọ́po rẹ̀ yóò tọ́ géérégé. Okùn ìwọ̀n ló ń yẹ iye iṣẹ́ wò, ọjà ló ń yẹ owó ẹyọ wò. Fún àpẹẹrẹ, bí òrùlé bá gùn ní mítà 28, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, pákó etí rẹ̀ yíká jẹ́ 28 àti 10 àti 28 àti 10, èyí tí í ṣe 76. Ìlà D kò purọ́ lórí iye. Àpapọ̀ rẹ̀ nìkan ló yà bàrá. Bákan náà, ìṣirò kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣe àṣìṣe. Nínú àṣìṣe mẹ́ta tí a rí, ọ̀kan pa agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ lára.

Bí ẹ ó ṣe gbé e jáde

Àìfẹ̀sọ̀ké ìbòsí ni kì í jẹ́ kí ará ayé gbọ́. Ẹ má kọ “olè” sínú ìwé yín. Ẹ kọ ojú ìwé, lẹ́tà ìlà, iye iṣẹ́, owó ẹyọ, àpapọ̀ tí ìwé kọ, àpapọ̀ tí ẹ̀yin rí, àti ìyàtọ̀. Kí ẹni kejì tún un ṣe láìwo ìdáhùn ẹni àkọ́kọ́. Ẹ so fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ni iṣẹ́ náà, kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù pé àwọn ti rí i. Àkókò tó dára jù ni kí a tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, nítorí pé àtúnṣe máa ń nira lẹ́yìn rẹ̀.

Bí fọ́tò kò bá kún, tàbí bí wọ́n bá ní kò sí ìwé, ẹ lo Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011. Ẹ kọ̀wé béèrè ìwé ìdíyelé iṣẹ́ náà pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ àti ibi tó wà. Òfin náà kò béèrè pé kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ, ó sì fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn.

Iṣẹ́ ṣíṣe fún ìpàdé ẹgbẹ́

Ojú ìwé kan fún gọ́tà ní ìlà méjì. Ìlà A: mítà 120, owó ẹyọ ₦14,500, àpapọ̀ ₦1,740,000. Ìlà B: ìborí gọ́tà 45, owó ẹyọ ₦8,200, àpapọ̀ ₦396,000. Àròpọ̀ ojú ìwé: ₦2,136,000.

1. Ìlà wo ni kò tọ́, kí sì ni àpapọ̀ rẹ̀ tòótọ́?
2. Ṣé àròpọ̀ ojú ìwé náà bá àwọn ìlà rẹ̀ mu bí a ṣe kọ wọ́n? Kí ni ó yẹ kí ó jẹ́?
3. Ẹ pín ìyàtọ̀ náà sí ọ̀nà 9. Irú àṣìṣe wo ni ó fi hàn?

Ìdáhùn: Ìlà B ni, 45 ní ìlọ́po 8,200 jẹ́ ₦369,000. Àròpọ̀ bá àwọn ìlà mu bí a ṣe kọ wọ́n, ṣùgbọ́n ₦2,109,000 ló yẹ kí ó jẹ́. Ìyàtọ̀ jẹ́ ₦27,000. Sí ọ̀nà 9, ó jẹ́ 3,000. Ó jọ pé 6 àti 9 ló pàrọ̀ ipò.